Orúkọ Tí Hamid Ní Kí N Yọ Kúrò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín o: èmi Rùkàyyàt ni mo sọ ọ́, kì í ṣe Adéwọ̀yìn, ọmọ kíláàsì wa. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ìsúndùnrìn, ìdí nìyẹn tí àwa tí a jọ jáde níléèwé fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí a ó fi gbé ife sókè fún Hamid lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní òfin. Orí wásáàpù ni a ti ṣa ẹ̀fẹ̀ jọ. Méjìlá ló wọlé, mo sì mú mẹ́ta nínú rẹ̀. A kì í dárúkọ ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́, a kì í fi àléébù ara ṣẹ̀fẹ̀, bí a bá sì ti fi ọ̀rọ̀ gún ọkọ ìyàwó, kíá ni a ó fi ìyìn tù ú lára. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ló ń gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó kọjú sí ìyàwó, a ó ní kí èrò dìde, a ó sì gbé ife. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Zóbò ló wà nínú ife, torí ilé mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo wọn lọ nìyí: ohun tí ọkọ ìyàwó bá ní ká má sọ, a kì í sọ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Hamid pè mí. Ọdún mẹ́jọ ló lò ní Àbíjàn kó tó padà wálé wá fẹ́ Qàwíyyàt, ọmọ ìlú Ọlà.

"Rùkà, ẹ pè mí ní ohun tó bá wù yín, ẹ ṣáà má pè mí ní Bàbá Ìbejì."

Inú bí mi. Láti JSS 2 la ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí méjì méjì ló máa ń gba gbogbo nǹkan: àwo ẹ̀wà méjì, búrẹ́dì méjì. Ẹ̀fẹ̀ tó dùn jù nínú ìwé mi nìyẹn!

"Kí ló dé?"

"Mo ti dàgbà jù ú lọ ni." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. "Jọ̀ọ́."

Adéwọ̀yìn wà níbẹ̀ nígbà tí mo fi bírò fagi lé e. Ó dùn mí, ká má purọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ní Ẹ̀jìgbò, wọ́n pè wá síwájú. Mo ní nígbàkígbà tí tíṣà ìṣirò bá wọlé, Hamid á bọ́ bàtà sọ́wọ́, á bẹ́ gba ojú fèrèsé. Mo sì fi kún un pé bàtà yẹn náà ló yá mi wọ lọ ṣèdánwò. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ tó kọrin ní àpéjọ àárọ̀, ewúrẹ́ ló gbè é. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó ń wo fóònù wọn. Háà! Èmi tíṣà Yorùbá? Ara mi gbóná.

"Ẹ ò tíì mọ ẹni tí ẹ fọmọ fún!" ni mo pariwo. "Bàbá Ìbejì nìyí o!"

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ta ni ò mọ̀ ní Ẹ̀jìgbò pé ọkùnrin lè nílé ní Àbíjàn kó tún wá kọ́lé síbí? Ìyá Qàwíyyàt, tí wọ́n ti fi ogún ọdún ta aṣọ ní Àbíjàn, dìde.

"Ìbejì wo? Ta ló bí ìbejì fún un?"

Mo sáré dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ẹ̀wà ni! Àwo ẹ̀wà méjì ló máa ń gbà níléèwé!"

Mo ròyìn rẹ̀ látòkè délẹ̀, Adéwọ̀yìn jẹ́rìí sí i. Ni ẹ̀rín bá bẹ́. Ìyá Qàwíyyàt náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú, wọ́n sì jókòó. Mo mí kanlẹ̀. Orí mi wú, kí n má tàn yín. Mo ní kí gbogbo ènìyàn dìde kí wọ́n gbé ife wọn sókè, wọ́n sì dìde.

Ọkọ àtìyàwó nìkan ló jókòó, bó ṣe yẹ. Qàwíyyàt kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Hamid doríkodò, kò lè gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni ìdí tó fi bẹ̀ mí ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo sáré sún mọ́ wọn kí n lè bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?" Qàwíyyàt rọra bi í.

Mo ń fojú bẹ Hamid pé kó ní ẹ̀wà ni. Gbogbo èrò ló ti gbà pé ẹ̀wà ni.

"Mẹ́ta," ló dáhùn. "Wọ́n á pé mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀."

Qàwíyyàt mi orí. Ó gbé ife tiẹ̀ kalẹ̀ láì mu ún, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe màmá mi wá."