Ìmọ̀ràn Ìyá Atúnlé

Tiwalọlá ki ìwé ìròyìn náà bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kí ọ̀gá tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tó ti ń rà á ní gbogbo Ọjọ́rú, tó ń wá lẹ́tà tirẹ̀. Ó mà ti jáde lónìí o! Ojú ewé kẹjọ, níbi tí Ìyá Atúnlé ti ń gba àwọn òǹkàwé nímọ̀ràn:

"Ìyá Atúnlé, ọkọ mi kì í nà mí. Ó ń sìn mí dé ibi iṣẹ́ ní Àpápá lójoojúmọ́. Àmọ́ tí mo bá se ọbẹ̀ tán, á lọ da iyọ̀ kún un, á wá bi mí pé kí ló dé tí mo bu iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ó ní ojú mi ló ń ṣe ségesège. Kọ́kọ́rọ́ mi á sọnù, òun ni yóò rí i nínú garawa ìrẹsì. Ó ti sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé orí mi kò pé. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Èmi, Ọ̀rọ̀-Rú-Mi-Lójú, Ajégúnlẹ̀."

Ó fi orúkọ pamọ́, ó wá fi iyọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ gbalaja. Ta ni kò ní dá ilé ara rẹ̀ mọ̀?

Èsì wà nísàlẹ̀: "Ọmọ mi, orí rẹ pé. Ó ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tó o bá figbe ta. Má bá a jà. Sá lọ bá ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lónìí, kí ọkọ rẹ tó débẹ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Orí òun mà pé!

"O ti kà á?" Akpevwe, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, béèrè. "Àwọn tó ń ka pépà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdókọ̀ Bọ́ńdìrì ti ń jà lé e lórí láti ìdájí. Dat man na devil!"

Tiwalọlá gbé àpò rẹ̀. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó fẹsẹ̀ gba Màlúù Road, ó sì dé Ìjọra Badíà, ilé Àǹtí Phoebe, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni kò ti débẹ̀.

Kò tíì kan ilẹ̀kùn tí àǹtí fi ṣí i, tó gbá a mọ́ra.

"Tiwa mi. Wọlé, má sunkún."

"Ẹ kú ilé, mà. Àǹtí, ọkọ mi—"

"Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Orí àga ni ìwé ìròyìn wà, ojú ewé kẹjọ ló ṣí sí.

"Akínwùmí ọkọ rẹ ló mú un wá láago méje àárọ̀," ni àǹtí wí. "Ó ní ìwọ lo kọ ọ́, pé nǹkan tí orí rẹ ń rò nìyẹn. Ọkùnrin yẹn sunkún níbí o! Ó ní tó o bá ti kà á, ọ̀dọ̀ mi lo máa sá wá."

"Irọ́ ló ń pa, mà! Ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo gbọ́, ọmọ mi." Àǹtí rọra dì í lọ́wọ́ mú bí ẹni di ọmọ tí ibà ń ṣe mú. "Jókòó. Ó ti ń bọ̀."

Tiwalọlá jókòó. Ó wo èsì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo bó ṣe ń kà á láàárọ̀, òun nìkan ló rò pé Ìyá Atúnlé ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ni obìnrin náà gbà nímọ̀ràn. Akínwùmí ló tètè jí kà á.