Ẹkún Tí Kò Wọ Inú Fídíò

Ẹ̀gbọ́n ló mú àbúrò rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ̀wé fún àjọ aláàánú kan tó ń bá àwọn tí iná jó wá owó iṣẹ́ abẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bẹ ará ìlú ló sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, ó fa ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o."

Wọ́n tọ́jú ẹ̀ lóòótọ́. Fídíò tí àbúrò kọ lọ́dún tó kọjá, nípa awakọ̀ kan tí iná jó lẹ́sẹ̀, rìn jìnnà débi pé àwọn tí wọn ò mọ̀ rí ń pe ọ́fíìsì láti béèrè ẹni tó kọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀gbọ́n bá ti gbọ́ "ẹni tó kọ ti awakọ̀ yẹn," nǹkan á gún un láyà. Á rẹ́rìn-ín, á tún bá wọn yin ọmọ náà. Tó bá délé, kò ní lè jẹun.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó dá àjọ náà sílẹ̀ ló wá pè é lọ́dún yìí. "Ìwọ ni kó o kọ tuntun. Àbúrò ẹ á bá ọ to àwòrán ẹ̀ pọ̀."

"Títò nìkan?"

"Títò nìkan."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tijú ara rẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan ni wọ́n fẹ́ ká sínú fídíò. Gáàsì ààrò rẹ̀ ló bú gbàmù. Iná jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kan àti lọ́wọ́ méjèèjì, nígbà tí egbò náà sì jinná, àpá rẹ̀ súnkì, ó fa àwọn ìka wọ àtẹ́lẹwọ́. Àjọ náà ti san owó iṣẹ́ abẹ ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ìka ti là, obìnrin náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti ọwọ́ òsì ló kù.

Ẹ̀gbọ́n bá a ní ilé búrẹ́dì, ìyẹ̀fun wà lára ògiri, wà lára ìlẹ̀kùn. Ó ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó ṣàlàyé: ibi tí wọ́n máa gbé fídíò sí, pé ó lè sọ pé òun ò ṣe mọ́ nígbàkigbà, pé bó ṣe tàbí kò ṣe, ìtọ́jú rẹ̀ ò ní yí padà. Ṣùgbọ́n kíákíá ló sọ ọ́, bí ẹni ń ka àdúrà tó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Obìnrin náà fọwọ́ síwèé.

Nígbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì sọ ọ̀rọ̀ iná náà ní ṣókí, ó fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rò ó pé èyí ò ní tó. Ti awakọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí iná yí yín ká, ta lẹ ń pè?"

Obìnrin náà fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ìyẹ̀fun kúrò lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọmọ òun obìnrin lòun ń pè, òun rò pé ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, òun sì ń wá a kiri nínú èéfín, ọmọ náà sì ti jáde lọ ra nǹkan. Ìgbà tó dé ibẹ̀, ẹkún gbé e. Ayàwòrán tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wá fẹ́ sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ́wọ́ sí i pé kó sún mọ́ ọn.

Wọ́n wò ó ní ọ́fíìsì. Akápò ń nu ojú. Kì í ṣe fídíò ni ẹ̀gbọ́n ń wò, ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò, bóyá ó ń dùn ún.

Àbúrò rọra ní, "Sìstá mi, ṣé ìyá náà ti wò ó?"

"Ó ti fọwọ́ síwèé."

"Wọn ò tíì mọ ohun tó máa wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn."

Ẹ̀gbọ́n wò ó lókè wò ó nílẹ̀. Owú ni, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ fi hàn án."

Ìyá oníbúrẹ́dì wò ó tán lórí fóònù, ó dá fóònù padà. "Ó dáa. Ẹ gbé e síta."

Ọkàn ẹ̀gbọ́n fò fáyọ̀. Ó ti fẹ́ dìde kí obìnrin náà tó ní, "Ọwọ́ òsì mi yìí, ẹ ṣì máa ṣe é, àbí?"

"Ìyẹn ò kan fídíò o."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń béèrè ni." Ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ épírónì.

Ẹ̀gbọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni fẹ́ gba ìpè. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó kàn lọ dúró ti àwọn àpò ìyẹ̀fun tó ṣófo ni. Obìnrin náà ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí òun bá sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì, irọ́ kọ́. Fídíò á jáde, ẹnu á sì yí kúrò lórí awakọ̀ yẹn. Ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí obìnrin náà fi pamọ́ ò kúrò lójú rẹ̀.

Ó padà wọlé. "Ẹ bá mi sọ òótọ́. Ká ní àjọ wa ò ṣe nǹkan kan fún yín rí, tí a ò sì ní ṣe nǹkan kan fún yín lọ́la, ṣé ẹ máa gbà?"

Obìnrin náà mi orí. "Rárá. Ọmọ mi ò mọ̀ pé òun ni mo dúró ń wá. Mo sọ fún un pé ìlẹ̀kùn ló há. Tó bá gbọ́ ọ, á máa rò pé òun ló jó mi."

Ẹ̀gbọ́n rántí. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde, òun ló sì ní kí kámẹ́rà sún mọ́ ọn.

"Mo máa pa á rẹ́," ó ní. "Gbogbo ẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ kí wọ́n rí?"

Ìyá oníbúrẹ́dì yọ ọwọ́ jáde, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. "Kí wọ́n rí mi lẹ́nu iṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì àgbà gbọ́, ó bínú díẹ̀ pé ẹ̀rù ìtọ́jú ló mú obìnrin náà gbà. Ó ní kí wọ́n bá dókítà mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ òsì náà, kí wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin náà, kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé kámẹ́rà débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹ̀fun pípò ló bẹ̀rẹ̀ fídíò. Kò sí orin. Ìró ìyẹ̀fun tó ń lu tábìlì nìkan. Ọwọ́ ọ̀tún là, òsì ò là. Ohùn ìyá oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé, "Gáàsì ló jó mi. Ọwọ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́, èkejì ti ní ọjọ́ tiẹ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn mi tí wọn ò tíì ní ọjọ́." Ó wá fi ẹ̀fẹ̀ kún un pé, ẹni tó bá rò pé búrẹ́dì òun ti burú, kó wá tọ́ ọ wò. Ẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀lé e ò gùn: ohun tí owó náà máa ṣe, àti bí èèyàn ṣe lè fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ti kọ gbólóhùn kan síparí, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: "Láìsí yín, ayé wọn ti parí." Àbúrò gé e kúrò.

"Ayé wọn ò parí, sìstá mi. Ẹnu iṣẹ́ la ṣáà bá wọn."

Ó dùn ún bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó tún gbólóhùn náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́.

Fídíò náà ṣe dáadáa. Owó wọlé, orúkọ àwọn kan tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ sì kúrò lórí àkọsílẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n kò tó ti awakọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n béèrè lọ́wọ́ akápò, akápò sì sọ ọ́ láìfi bò. Ẹ̀gbọ́n ní kò burú. Ó burú lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, òun àti àbúrò jọ ń rìn lọ sílé. Àbúrò pààrọ̀ ọwọ́ tó fi gbé àpò wúwo kan, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ gbé ẹkún yẹn wá sí ọ́fíìsì, inú mi ò dùn. Mo mọ̀ pé mi ò lè kọ èyí tó máa mì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ìgbà tí mo béèrè bóyá wọ́n ti wò ó, mi ò mọ̀ bóyá torí obìnrin yẹn ni, tàbí torí kí ẹ má lè gbé e jáde."

Ẹ̀gbọ́n dúró sójú ọ̀nà. "Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo bú ọ nínú mi."

"Ẹ bú mi dáadáa?"

"Dáadáa gan-an."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gba àpò tó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń lọ.