Wáyà Mẹ́rin Nínú Mẹ́jọ

Èmi ni mo tẹ lẹ́tà ìyọniṣẹ́ náà. Gíwá ilé ẹ̀kọ́ wa nítòsí Alákíà, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, ń sọ ọ́, èmi akọ̀wé wọn ń tẹ̀ ẹ́: pé Sàníù, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa, ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ gba ẹ̀yìn ògiri fún àwọn ayálégbé àdúgbò.

Ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i ni Sàníù wọlé.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kí la tún fẹ́ wò? Íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀ọ́dúnrún mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń wọ àpótí tó ń pín in ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ìwọ fúnra rẹ lo wọ̀n ọ́n níbẹ̀, ó pé. Tó bá dé orí tábìlì mi, á di mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ìyókù ńkọ́? Ṣé eku ló jẹ ẹ́?"

"Sà, láàárọ̀, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́jọ́ Sátidé tí kò sẹ́nì kankan nílé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ náà. Olè wo ló ń fi òṣùwọ̀n jalè?"

Sàníù bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà gíwá, ó ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń wo ìsopọ̀ wáyà.

"Tí wáyà bá ti so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ àpótí, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ kí ara wọn, wọ́n á fẹnu kò lórí eré tí wọ́n lè jọ sá. Ẹ wo iye tí wọ́n fẹnu kò sí, sà."

Mo na ọrùn wò ó. Ọgọ́rùn-ún ni.

"Ohun tó bá ju ọgọ́rùn-ún lọ ò lè gba ibí kọjá, bí ẹ tilẹ̀ da òkun sí i. Ìdì tí wọ́n fi ń di ẹrù náà ló ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ló fi ku mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà yìí lè sá ẹgbẹ̀rún. Mo fi wáyà kúkúrú so tèmi mọ́ àpótí yẹn láàárọ̀, ẹgbẹ̀rún ló kọ. Wáyà inú ògiri ló kù."

Ó tú ìdérí kékeré tó wà lẹ́yìn tábìlì, ó fa wáyà jáde, ó bó téèpù dúdú tí wọ́n fi wé ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Súbúhánálláhì! Mẹ́rin péré! Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló yẹ kó wọ ẹnu wáyà yìí. Ẹgbẹ̀rún ò lè rìn lórí mẹ́rin. Wọ́n á gbìyànjú rẹ̀, tí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún."

Gíwá fò dìde. "Mẹ́rin tó kù dà? Ó ti là á sí méjì! Olúwa mi o, ó là á sí méjì, ó gbé ìlàjì lọ! Ìyá Olúfúnmi, ẹ mú lẹ́tà yẹn wá."

"Sà, èmi kọ́! Wàláì, bí mo ṣe bá a nìyí!"

Èmi ni wọ́n ń pè, ṣùgbọ́n n kò lọ mú un. Téèpù tó bọ́ sílẹ̀ ni mò ń wò. Ẹni tó wé e ti ṣẹ́ ìparí rẹ̀ po bí etí kékeré, kí ẹni tó máa tú u lè tètè rí ibi tó máa dì mú. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń wé téèpù bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí a sin ín.

Lọ́dún 1999 ni Josiah, ọkọ mi, fa wáyà náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà. Wáyà tó wà nílẹ̀ ò tó kọ̀ǹpútà méjì, ti gíwá àti tèmi. Lásìkò yẹn, okùn mẹ́rin tó kọ̀ǹpútà kan dáadáa, ọgọ́rùn-ún sì pọ̀ jù fún wa. Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi ò ní jókòó sínú òkùnkùn." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò béèrè ọgbọ́n tí wọ́n dá.

"Sà, ọwọ́ bàbá Olúfúnmi nìyẹn." Mo tọ́ka sí téèpù náà. "Mẹ́rin tó kù wà lẹ́yìn tábìlì tèmi."

Gíwá tẹ̀ lé wa dé òdìkejì ògiri náà. Sàníù fa wáyà mi jáde. Búlúù àti búráùn, mẹ́rin, pẹ̀lú téèpù elétí kan náà. Gíwá fọwọ́ bo ẹnu.

Sàníù gé orí wáyà méjèèjì kúrò, ó kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sẹ́nu kan. Ó lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí àpótí. Nígbà tó padà dé, kọ̀ǹpútà tèmi ti yọ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti gíwá kọ ẹgbẹ̀rún. Wọ́n wọ̀n ọ́n: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọ̀ọ́dúnrún.

"Sàníù," gíwá sọ jẹ́jẹ́, "má bínú."

Sàníù ń ká wáyà tó ṣẹ́ kù. "Sà, yàrá àwọn tíṣà lẹ ti pè mí lólè lánàá."

Gíwá wojú mi, bíi pé mo ní ohun kan tí mo lè tẹ̀ fún wọn. Mo ya lẹ́tà náà sí wẹ́wẹ́. Gíwá jáde. A gbọ́ bí ilẹ̀kùn yàrá àwọn tíṣà ṣe ṣí, a sì gbọ́ ohùn wọn:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi."