Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Lórí Ọrùn Ọwọ́ Àkàngbé

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ránṣọ ní ọjà Tejúòṣó, mi ò sì tíì ṣi ẹnikẹ́ni wọ̀n rí. Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Bọ́lárìnwá, obìnrin tó ń tọ́jú ìdílé wa ní Sùúrùlérè, ní kí n ka bí ọkàn mi ṣe ń lù fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sì fi lẹ́tà jábọ̀, ẹ̀rín ló pa mí. Ta ló fẹ́ kọ́ télọ̀ ní ìwọ̀n?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín ṣá. Òòyì ń kọ́ mi. Dókítà ní bí ọkàn mi bá ń falẹ̀ báyìí lọ, wọ́n lè ní láti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí mi láyà. Ìrètí, ọmọ mi, sì ti ṣe ìdájọ́ tirẹ̀: kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní mi ò lọ. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo fẹ́ máa jí sí?

Lẹ́tà tí mo kọ nìyí:

“Dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á láàárọ̀ kí n tó jáde, mo tún kà á nírọ̀lẹ́ tí mo bá délé. Mo máa ń jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ìṣẹ́jú kan gbáko ni mo sì ń kà. Láti Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, 46 sí 49 ni. Òòyì kọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́fà, pàápàá tí mo bá dìde lójijì. Mi ò dákú, àyà ò dùn mí, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ mí tí mo bá gun àtẹ̀gùn. Ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, tí mi ò lọ sọ́jà, ó di 54 nírọ̀lẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì mo lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti Jímọ̀ títí di Ajé, 61 sí 66 ni, òòyì ò sì kọ́ mi rárá. Mo padà sọ́jà ní Ìṣẹ́gun. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, 48. Mi ò dín in, mi ò fi kún un. Èmi Àkàngbé.”

Ká sòótọ́, ó ṣe mí bíi kí n fo ti Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn. Ìrètí ló bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló sì kọ́kọ́ kà á.

“Dádì, ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ilé làbọ̀ simi oko.”

Dókítà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá, kí lẹ máa ń ṣe lọ́jà tí ẹ ò ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

“Mo ń ránṣọ.”

“Oògùn ńkọ́?”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ fún mi nìkan ni. Mo gbé e dání lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò fo ọjọ́ kan.”

“Kò sí nǹkan mìíràn? Tí ẹ ń fi para, tí ẹ ń kán sójú, tí ẹ ń kán sétí?”

Mo ní ó wà. Àmúdàtù, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, máa ń kán oògùn ojú rẹ̀ sí mi lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí abẹ́rẹ́ ò hàn sí mi dáadáa mọ́. Ta ló ń ka ìyẹn mọ́ oògùn? Dókítà ní kí n fi fóònù pè é kó ka orúkọ ara ìgò náà. Bó ṣe kà á tán, dókítà gbé bírò sílẹ̀.

“Oògùn yẹn máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń fa ọkàn sẹ́yìn. Èyí tí mo fún yín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ló dì mọ́ yín. Ẹ má kán an mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dá tèmi dúró. A máa fi ẹ̀rọ wo ọkàn yín lónìí, ẹ ó sì tún kà á fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.”

Inú mi dùn débi pé mo yíjú sí Ìrètí, mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ dì mí lẹ́rù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó ni oògùn yẹn ńkọ́? Àìsàn tó ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi í tọ́jú. Kò gbọ́dọ̀ fo ẹ̀kán kan.”

Ìgò kan náà ni a jọ ń lò.

Nígbà tí mo dé ọjà, mo bi Àmúdàtù bó ṣe ń pín in.

“Àárọ̀ nìkan ni mò ń kán tèmi, Ẹ̀gbọ́n, kó lè tó wa. Mo rò pé tiyín ló le jù. Ẹ̀yin lẹ ń ránṣọ.”

Ojú tì mí. Mo ní kó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kó máa wo imú mi. Mo na ìka mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó sọ fún mi bó bá ti rí i. Mo ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú mi kó tó ní òun rí i.

Mo wọlé lọ pa iná ẹ̀rọ mi. Oníbàárà kan ń dúró gba ṣòkòtò, mo ní kó padà wá lọ́la. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo bá Àmúdàtù ti tirẹ̀, mo sì dì í lọ́wọ́ mú, a wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.