Kí Ni Ká Pe Ẹniọlá Nínú Ímeèlì?

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa Ganiyat lọ́jọ́ tí Henry, tísà ẹgbẹ́ rẹ̀, na fóònù sí i pé kó wá wo ímeèlì tóun fẹ́ fi béèrè ipò ọ̀gá tísà. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìgàndo ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tísà àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí Ganiyat ti ń fojú sọ́nà fún àga yẹn.

Ohun tí Henry fi bẹ̀rẹ̀ ni 'Dádì wa ọ̀wọ́n.' Ó wá fi 'Èmi ọmọ yín tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja' parí rẹ̀. Ẹniọlá Akínbọ́lá ló ń kọ ọ́ sí o, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Henry fúnra rẹ̀ ti lé lógójì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun.

"Dádì ta ni?" ni Ganiyat bi í.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n jẹun jàre."

Ganiyat wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pòṣé sínú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó délé ní Ìkòtún, ó jókòó láti kọ ímeèlì tirẹ̀. Kíláàsì rẹ̀ ni Ẹniọlá ti kọ́ ABD, òun ló máa ń nu ikun imú rẹ̀ nígbà náà. Ṣé irú èyí lòun yóò máa pè ní sà? Ló bá kọ 'Ẹniọlá, báwo ni?' sókè, ó kọ 'Àǹtí rẹ' sísàlẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn dénú. Ìgbà tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ ló rí orúkọ kejì níbẹ̀: Alhaji Nùrẹ́nì, alága ìgbìmọ̀, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn kọ̀wé sí pẹ̀lú. Kò bá Alhaji jókòó rí. Kí ló kan bàbá ẹni àádọ́rin ọdún nínú ikun imú? Àfojúdi ni yóò pè é.

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kọ 'Alhaji Nùrẹ́nì àti Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o.' Ó wá fi 'Èmi ni tiyín ní tòótọ́, Ganiyat Abdulganiyy' kádìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n pe àwọn méjèèjì. Alhaji ò béèrè nǹkan púpọ̀. Ó ní òun náà gba ìwé Henry, òun ò sì rí ìkíni tòun níbẹ̀, Dádì nìkan ni wọ́n kí.

"Ọ̀gá tísà ló ń kọ̀wé sáwọn òbí," ni Alhaji wí. "Bí ẹ bá pe ọmọdé yìí ní Dádì, kí lẹ máa wá pe àwọn bàbá wọn?"

Henry ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tẹ́. Ganiyat ni wọ́n fún ní ipò.

Ọ̀sẹ̀ ò yí po tí ímeèlì Henry fi wọlé, ó ń tọrọ ààyè ọjọ́ kan. 'Mọ́mì wa ọ̀wọ́n' ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì péré ni Ganiyat fi jù ú. Ganiyat sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀: ọmọ yín tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò tiẹ̀ yí i padà.

Ó dá a lóhùn: 'Ọ̀gbẹ́ni Henry, mo fún yín láàyè ọjọ́ Jímọ̀. Ganiyat Abdulganiyy, ọ̀gá tísà.'