Ọgọ́ta Ọ̀rọ̀ Nípa Adùnọlá

Bí ẹ bá fẹ́ mú mi bínú, ẹ ní kí n kọ̀wé nípa ara mi bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni. Iṣẹ́ tí Bàbá Matthew rán sí mi láti Ìkàrẹ́ nìyẹn ní ọdún 1926. Òun ni akọ̀wé ìpàdé àwọn olùkọ́ Àkókó, òun náà ló sì kọ́ mi ní A, B, D, nítorí náà n kò lè bá a jà. Wọ́n fẹ́ tẹ ètò ìpàdé sínú ìwé. Gbogbo ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ nípa ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọgọ́ta lọ. Kí n má kọ "èmi", kí n kọ "Adùnọlá".

N kì bá ti dá a lóhùn, bí kò bá jẹ́ ti kíláàsì mi. Àwọn àgbà ìjọ ní Ọ̀kà ti sọ pé bí ọdún bá ti parí, wọn yóò ti kíláàsì àwọn ọmọbìnrin pa, pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ẹni kan ṣoṣo ló lè dá wọn dúró, Pásítọ̀ tó ń bẹ ilé-ìwé wò. Òwúrọ̀ kan péré ni Pásítọ̀ yóò lò ní ìpàdé náà. Yàrá méjì ni a ó ti máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ìwé ètò yẹn ni yóò sì ti yan ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Mo bá jókòó, mo kọ ọ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. "Adùnọlá jẹ́ ẹni kékeré tí kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń gbìyànjú díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ọ̀kà, bí Ọlọ́run bá ràn án lọ́wọ́." Inú mi dùn sí i. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìkàrẹ́, mo kúnlẹ̀, mo fi í lé Bàbá Matthew lọ́wọ́.

Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Adùnọlá, ta ni yóò fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ wá gbọ́ ẹni tó ní òun kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá, ṣé kí n wá máa yin ara mi ni?"

"N kò ní kí o yin ara rẹ. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Lọ tún un kọ."

Mo rìn padà sí Ọ̀kà, eruku dé orúnkún mi, inú ń bí mi. Wọ́n fẹ́ kí n pariwo, àbí? Mo pariwo. Mo kọ pé Adùnọlá ni ìmọ́lẹ̀ àwọn obìnrin Ọ̀kà, olùkọ́ tí kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo Àkókó, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ mọ̀wé bí ẹni mu omi. Kí inú mi tó rọ̀, mo ti gbé e lọ ka fún Limota.

Limota ni ìyá Àsíátù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Epo pupa ló ń tà, Mùsùlùmí sì ni. Lọ́jọ́ tó mú ọmọ wá, ó ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ìrun ni Àsíátù yóò máa kí o, pé ìwé nìkan ni òun bá wá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Lọ́kọ́ja, ó sì ti sú Limota kí àlejò máa bá òun ka lẹ́tà ọkọ òun, kí àṣírí ilé òun sì dé ọjà kí òun tó dé ibẹ̀.

Ó gbọ́ tèmi tán, ó rọra ń nu ẹnu agbè epo. "Tíṣà, ẹni tó wà nínú ìwé yìí, bí o bá rí i, bá wa kí i."

Ojú tì mí. N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín.

"O mọ̀ pé n kì í sọ pé epo mi dára," ó ní. "Gbogbo elépo ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó po omi mọ́ ọn pàápàá ń sọ ọ́. Ìdérí ni mo máa ń ṣí. Kí oníbàárà ti ìka bọ̀ ọ́, kó tọ́ ọ wò. Ọmọ mélòó lo fi bẹ̀rẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Mẹ́tàlélógún."

"Gbogbo wọn ló mọ̀wé lóòótọ́?"

Mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mọ́kànlá ló lè dá lẹ́tà kà."

"Kọ mọ́kànlá. Àwọn méjìlá tó kù ní ìyá, ìyá wọn sì ní ẹnu."

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé iye yẹn náà, ìgbéraga ni. Ó wò mí bí ẹni tó rí ọmọ tó ń fi ọbẹ̀ ṣòfò. "Ìwọ kọ́ lo kọ́ Àsíátù? Bí o bá ní ìwọ kọ́, irọ́ nìyẹn náà. Bí o bá sì ní ìwọ nìkan ni, irọ́ ni, nítorí èmi ni mò ń dá ru epo bọ̀ láti ọjà lọ́jọ́ tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè epo rẹ̀, mo kọ ọ́ báyìí:

"Adùnọlá Oyèbọ̀dé ni olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọbìnrin ní Ọ̀kà. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Lónìí wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún, ọmọ Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì. Ó gbé àkókò ẹ̀kọ́ sí ọ̀sán kí wọ́n lè bá ìyá wọn ná ọjà. Mọ́kànlá nínú wọn ń dá lẹ́tà kà. Yóò sọ bí òun àti àwọn ìyá wọn ṣe ṣe é."

Bàbá Matthew fi ìka ka ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìdínlọ́gọ́ta. Ó wá ibi tí yóò fi gègé sí, kò rí i. "Ó ku méjì," ó ní, "ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́, Limota àti Àsíátù sì ti gbé epo wá síbẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì ni Rufus ará Ògbàgì, tó kọ pé òkìkí òun ti kàn ká ayé. Àwọn olùkọ́ ń bi ara wọn léèrè lábẹ́nú pé ayé wo. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú mi kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Pásítọ̀ wọlé. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ìwé ètò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. "Ìyáàfin, ẹ ní mọ́kànlá. Ǹjẹ́ mo lè gbọ́ ọ̀kan nínú wọn?"

Bí mo bá ti kọ "gbogbo wọn" ni, ilẹ̀ ni ǹ bá wọ̀. Mo ránṣẹ́ sí ọjà. Limota dé tòun ti ọmọ rẹ̀, epo ṣì wà lọ́wọ́ Àsíátù, ó ń nù ún mọ́ ìró. Pásítọ̀ wá ohun tí ọmọ náà kò tíì rí rí, kò rí òmíràn ju ìwé ètò ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ mi fún un.

"Tíṣà wa, Ìyá Adùnọlá Oyèbọ̀dé," ni Àsíátù bẹ̀rẹ̀, "ni olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọbìnrin ní Ọ̀kà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Rárá, sà. Orúkọ wọn lásán ni wọ́n kọ. N kò lè pe orúkọ wọn lásán."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àsíátù kà á dé òpin láìkọsẹ̀. Nígbà tó dé "òun àti àwọn ìyá wọn", ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó ti tì mí lójú láti kọ, tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yẹn, mo gbà á gbọ́. Mo sunkún níwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, n kò sì tọrọ àforíjì.

Pásítọ̀ ní òun yóò kọ̀wé sí àwọn àgbà ìjọ Ọ̀kà kí òun tó gun ẹṣin. Ó wá bi Limota bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn," Limota ní, "pé oṣù mẹ́fà rèé tí ẹnikẹ́ni ní ọjà kò ti mọ ohun tí ọkọ mi ń kọ sí mi."