Ẹ̀rí Awakọ̀ Lórí Pósítà

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀rí náà tí kì í ṣe ti oníbàárà náà. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bí ó bá ṣe pé ọ̀gá mi fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu ni, ǹ bá mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ṣùgbọ́n ó kàn gé e síhìn-ín, ó gé e sọ́hùn-ún, ó so ìyókù pọ̀, irọ́ sì yọjú láàárín òtítọ́ láìsí ẹni tó pa á.

Tìmùtìmù tí àwọn awakọ̀ ń tẹ́ sórí ìjókòó ni ilé iṣẹ́ wa ń tà. Àwọn oníbàárà a máa fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù láti sọ bí ọjà ṣe rí lára wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́ ohùn náà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì dín in kù títí yóò fi gba ojú pósítà. Ìkíni, àsọtúnsọ, "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?", ìròyìn ọ̀nà tó bàjẹ́: gbogbo ìyẹn ṣeé yọ, oníbàárà fúnra rẹ̀ kò ní wá a. Ohun tí kò ṣeé yọ ni èyí tó jẹ́ pé, bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, òǹkàwé yóò gba ohun tí ẹni náà kò sọ gbọ́.

Awakọ̀ tírélà kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Arìnnàkore ló fi ohùn ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn tí mo yọ ìkíni kúrò, ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ̀yìn yìí, ẹ̀yìn yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Ìyàwó mi ló máa ń fà mí dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ra tìmùtìmù yín. Ó dáa, irọ́ kọ́, ìdí mi kì í kú mọ́ bí mo bá wakọ̀ títí. Mo wá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́ mi ní eré ìdárayá, mò ń ṣe é láàárọ̀, mò ń ṣe é lálẹ́, mi ò sì wakọ̀ lóru mọ́. Ní báyìí, èmi nìkan ni mò ń dá dìde."

Èyí tí ọ̀gá mi gbé padà fún mi nìyí:

"Ẹ̀yìn yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Ìyàwó mi ló máa ń fà mí dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ra tìmùtìmù yín. Ní báyìí, èmi nìkan ni mò ń dá dìde."

Àwa tí a wà ní ọ́fíìsì fún ọ̀gá yìí ní orúkọ kan tí a kì í pè lójú rẹ̀: Gé-e-kúrú. Mo mú ìwé náà tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé ìwòsàn kò sí níbí."

"Ṣé ilé ìwòsàn la ń tà ni?"

"Òun ló jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn sàn, sà. Bí a ṣe gé e yìí, tìmùtìmù ló wò wọ́n sàn."

"Èwo nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kò sọ? Fi ìka kàn án." Mi ò rí ibi tí n ó fi ìka kàn. "Ìlà mẹ́rin ni àyè tí mo ní. Àwòrán bàbá náà gan-an ti gba ìdajì. A sì ti fi í ránṣẹ́ sí i láti ìjẹta, kò fèsì. Ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Àṣà ilé yìí nìyẹn kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́."

"Awakọ̀ ni wọ́n, sà. Orí títì ni wọ́n wà. Bí ẹni tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó gbà."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo eṣinṣin tó bà lé oúnjẹ. "Ọmọ yìí, ẹnu rẹ ju oṣù tí o lò níbí lọ. Ó dáa. Wá a lọ. Bí aago mẹ́rin bá lù tí mi ò gbúròó rẹ, ilé ìtẹ̀wé yóò tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Tí ó bá sì di ọjọ́ Ajé, èmi àti ìwọ yóò jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́."

Mo mọ ohun tí ìjókòó ọjọ́ Ajé túmọ̀ sí. Ẹni tó wà lórí àga mi kí n tó dé, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a jókòó kí wọ́n tó lé e lọ.

Mo pe fóònù Arìnnàkore, kò wọlé. Gáréèjì tí òun àti àwọn onítírélà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń já ẹrù sí kò jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibẹ̀. Mo ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, wọ́n sì ń rán mi láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn: ó wà níbi táyà, rárá, ó wà nídìí epo, rárá, ó ti lọ. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ ń dán bí àwo tanganran na ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ pupa kan.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jáde síta o, wọ́n ti rán obìnrin wá mú yín!"

"Apárí, ojú ń tì mí fún ọ," ni ohùn kan dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀. Bàbá kan rá jáde, ó nà dìde láìdi ohunkóhun mú, ó sì gbọn eruku ara rẹ̀ dànù. Ohùn tí mo ti gbọ́ léraléra nínú fóònù ni, òun rèé lójúkojú.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ibi tí mo ti wá, mo sì na ìwé ọ̀gá mi sí i. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á sókè, ó rọra ń kà á, ojú rẹ̀ sì ń tàn.

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi! Ṣé èmi náà ni mo sọ̀rọ̀ báyìí? Ó dùn, ó ṣe ṣókí. Ìyàwó mi náà wà níbẹ̀. Ọmọ mi, mo gbà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ó ti tán. Ó gbà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo lè yí padà, kí n sọ fún ọ̀gá mi pé ó ti gbà, kí n sì bọ́ lọ́wọ́ ìjókòó ọjọ́ Ajé.

Apárí ti gba ìwé náà lọ́wọ́ bàbá náà. "Háà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà nìyí! Mi ò mọ̀ pé tìmùtìmù lásán ni. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ní kí n wá nítorí ẹ̀yìn mi, mi ò lọ mọ́. N ó ra èyí, n ó jókòó lé e, ó parí."

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ kí ẹ tó gbà."

Mo tẹ fóònù, ohùn rẹ̀ sì jáde láàárín ariwo gáréèjì. Nígbà tí ó dé ibi ìdí tí kì í kú mọ́, Apárí bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó dé ibi ilé ìwòsàn, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Arìnnàkore gba ìwé náà padà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò ka èyí sókè.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Ọ̀gá wa ni, sà. Àyè kò tó, wọ́n ní."

"Àyè tó fún ìyàwó mi, kò tó fún ilé ìwòsàn." Ó yíjú sí Apárí. "Ìwọ, bí o kò bá lọ síbẹ̀, n ó fi okùn fà ọ́ lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Àwòrán yín á sì wà lára ògiri, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín sí mi!"

Mo wo fóònù. Aago mẹ́ta ti lé dáadáa. "Bàbá, ìlà mẹ́rin ni a ní. Mo lè gé e, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ tún un sọ fúnra yín, ní kúkúrú. Ká ní Apárí ló ń bi yín léèrè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wà lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, kí lẹ máa sọ fún un?"

Ó ronú. Ó sọ ọ́, ó gùn jù. Mo ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún un, mo ní ìyàwó ni a ó yọ.

"Ìyàwó ti ta ni?"

"Bàbá, wọ́n dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá yọ wọ́n, kò sí ẹni tí yóò ṣìnà."

"Ẹ̀yin lẹ máa wá ṣàlàyé fún un nílé nígbà náà." Ṣùgbọ́n ó tún un sọ, mo sì kọ ọ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ̀yìn yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Tìmùtìmù yín ni kì í jẹ́ kí ìdí mi kú lójú títì. Eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi ní ilé ìwòsàn, àti oorun òru, àwọn ló jẹ́ kí n máa dá dìde."

Mo kà á fún un, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Fóònù dún kí n tó mí kanlẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Kí lèyí?" ni Gé-e-kúrú pariwo. "Ìdí? Lórí pósítà? Ilé ìwòsàn ló gba ìlà méjì, kí ló kù fún wa?"

"Èyí tí ọjà wa ṣe gan-an, sà. Ìdí tí kì í kú."

"Wọ́n ti gba èyí àkọ́kọ́. Ìdákẹ́—"

Arìnnàkore gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi lẹ ń sọ yẹn. Mi ò dákẹ́, orí títì ni mo wà. Bí ẹ bá lẹ èyí àkọ́kọ́, ẹ yọ ojú mi kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín sí i. Ẹ̀yin kì í ṣe awakọ̀, ẹ̀yìn kò lè dùn yín."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀gá mi. Ẹni tó ń ya pósítà ni. Mo gbọ́ tó ní, "Sà, awakọ̀ ni yóò kà á. Ìdí ni wọ́n fi ń jókòó."

Nígbà tí ọ̀gá mi tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, ẹ má bínú. A ó lo tiyín." Ó wá sọ fún mi ní ohùn mìíràn pé, "Dúró síbẹ̀. N ó fi bí yóò ṣe rí ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé kò yẹ̀ o."

A jókòó sórí táyà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwòrán pósítà náà wọlé. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì bá a níbẹ̀: "kì í jẹ́ kí ara mi kú lójú títì." Ọ̀gá mi ti fi "ara" rọ́pò "ìdí".

"Ara mi kú rí ni?" ni Arìnnàkore béèrè. "Wọ́n ti ń sin mí!"

Mo kọ̀wé padà: "Ìdí ni oníbàárà sọ, sà. Ìdí náà ni wọ́n gbà." Mo rí i pé ó ti kà á. Ìṣẹ́jú ń lọ. Apárí béèrè lọ́wọ́ mi bóyá iṣẹ́ awakọ̀ wù mí, torí àga mi ní ọ́fíìsì ń bọ̀ wá ṣófo.

Àwòrán mìíràn wọlé, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo kà á. Mo fi í fún Arìnnàkore, ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí dé òpin, ó sì dá fóònù padà fún mi.

"Èyí, tèmi ni," ló wí.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́: "Wọ́n ti kà á, wọ́n ti gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́."